Àgbàdo Tó Jóná Lórí Ebè Jẹ́jẹ́

Abìyẹ́ kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹ́ adìẹ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ni wọ́n rí ìyẹ́ funfun kan tó há sínú irun rẹ̀ lẹ́yìn etí, kó tó sì mọ ohun tí wọ́n ń rín, orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Títí tó fi jáde nílé-ìwé náà, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn, àfi olùkọ́ nígbà tó bá ń pe orúkọ láàárọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Bàbá ti kú, ìyá ti lọ́kọ mìíràn, ọkọ náà kò sì fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Adìẹ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá yìí, nítorí adìẹ ẹlẹ́yin tó kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nínú àgò onírin tí wọ́n tò léra bí àpótí. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Kì í na ọmọ, kì í fi oúnjẹ dun ọmọ. Àmọ́ ohùn tó fi ń bá adìẹ sọ̀rọ̀ rọ̀ ju èyí tó fi ń bá Abìyẹ́ sọ̀rọ̀ lọ. Á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyàwó mi, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á wá yíjú sí Abìyẹ́: "Kí lò ń wò? Abẹ́ àgò ń dúró dè ọ́."

Iṣẹ́ abẹ́ àgò yẹn ni iṣẹ́ Abìyẹ́ láràárọ̀. Á fi ṣọ́bìrì ha ìgbẹ́ tó ti dì mọ́ sìmẹ́ǹtì, á kó o sínú bárò, á tì í dé ẹ̀yìn ọgbà, á dà á sórí òkìtì. Òkìtì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti tuntun, tó ń gbóná débi pé èéfín máa ń rú lára rẹ̀ nígbà òtútù, òórùn rẹ̀ sì ń ta èèyàn lójú bí àlùbọ́sà. Ìkejì wà lábẹ́ páànù àlòkù, ti àtijọ́ ni, ó ti jẹrà, ó ti dúdú, ó ti fúyẹ́, tó fi jẹ́ pé bí o bá bù ú sọ́wọ́, bí ilẹ̀ igbó ló ṣe ń rùn. Ti abẹ́ páànù yìí nìkan ni Ìyá Adìẹ ń fi sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Abìyẹ́ látìgbà tó ti dé: "Tútù yẹn, má fi kan gbòǹgbò ohunkóhun. Iná ni. Á jó o pa."

Bí Abìyẹ́ bá ti ṣetán, á wẹ̀, á fi kànìnkànìn ha awọ ara títí á fi pọ́n. Síbẹ̀, òórùn ilé adìẹ kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń lé lọ. Inú aṣọ ló ń sùn.

Ẹni kan ṣoṣo tí kì í fọwọ́ bo imú fún un ni Jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ tó rọ̀, tí olùkọ́ fi ń sọ pé "gbé e sókè, a ò gbọ́ ọ" ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tí Abìyẹ́ dé, nígbà tí gbogbo wọn ti sún kúrò lórí bẹ́ńṣì, Jẹ́jẹ́ gbé báàgì rẹ̀ wá, ó jókòó tì í. Kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó kàn ní, "Ṣé o ní pẹ́ńsù? Tèmi ti kán." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di aṣọ àti ara. Àbúrò bàbá ló ń tọ́ Jẹ́jẹ́ náà, ẹni tó ń jórin létí títì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń ta sára bí iná ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún un láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé, "Bí o bá yege, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn ni. Bí o kò bá yege, ilé-ìwé ti parí nìyẹn. Mi ò ní gbé òkúta lérí lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì àṣekágbá, àwọn márùn-ún péré ló yan iṣẹ́ ọ̀gbìn. Àwọn tó kù ní àwọn kò wá sílé-ìwé kí àwọn lè lọ máa roko. Nínú àwọn márùn-ún yìí, ọmọ Dókítà ni olórí, kì í ṣe pé wọ́n dìbò fún un, àmọ́ ilé bàbá rẹ̀ ga, eyín rẹ̀ funfun, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń ṣí fèrèsé kíláàsì sílẹ̀ gbayawu bí Abìyẹ́ bá ti wọlé. Ó sì lè mú ìgò lọ́fínńdà jáde, kó fọ́n ọn sí bẹ́ńṣì tí Abìyẹ́ jókòó lé, kó ní, "Ẹ má bínú o, àìsàn ni mo ń lé."

Tíṣà tó ń kọ́ wọn kò ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ. Ó mọ iṣẹ́, ìyẹn kò ṣe é jiyàn, àmọ́ ó fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tó bá sì rọrùn láti gùn ló máa ń gùn láti fi rí ẹ̀rín náà.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ àṣewò wọn fún wọn. Wọn yóò gbin àgbàdo kan náà, láti inú àpò irúgbìn kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Àyè tó wà láàárín poro kan sí èkejì yóò dọ́gba, àyè àárín igi àgbàdo kan sí èkejì yóò dọ́gba, omi yóò dọ́gba. Ajílẹ̀ nìkan ni yóò yàtọ̀: ẹnì kan á fi ìgbẹ́ adìẹ, ẹnì kan ìgbẹ́ màlúù, ẹnì kan eérú igi, ẹnì kan ewé tó ti jẹrà nínú kòtò, ẹni ìkarùn-ún kò ní fi nǹkan kan sí i.

"Bí ohun méjì bá yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," Tíṣà sọ bẹ́ẹ̀, "o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín á sì ní ebè mẹ́ta, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó pín wọn sí nínú oko. Kí ló dé? Nítorí ìsàlẹ̀ yẹn rọ̀ ju òkè lọ, igi yẹn sì ń ṣíji bo apá kan. N ò fẹ́ kẹ́nì kan wá sọ pé ilẹ̀ ló gbè mí, ilẹ̀ ló ṣe mí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Gbogbo wọn mọ̀ pé ìgbẹ́ adìẹ ló lágbára jù, ẹni tó bá gbà á ni àgbàdo rẹ̀ yóò ga jù níwájú olùyẹ̀wò. Tíṣà wo ọmọ Dókítà, ó ní, "Ìwọ, ìgbẹ́ adìẹ." Ó pín mẹ́ta yòókù. Ó wá kan Abìyẹ́.

"Ìwọ kò nílò ajílẹ̀," ni Tíṣà wí, "ìwọ tó jẹ́ pé o ti fi pa ara láti ilé. Òfo ni tìẹ. Má fi nǹkan kan sí i. Bí o bá kàn dúró lórí ebè pẹ́, a jẹ́ pé o ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn."

Wọ́n rín ẹ̀rín yẹn títí omi fi jáde lójú ọmọ Dókítà. Jẹ́jẹ́ nìkan ló ń wo ilẹ̀.

"Ìwọ náà lo sì máa gbé ìgbẹ́ adìẹ wá," ni Tíṣà fi kún un. "Kó jẹ́ èyí tó ti jẹrà dáadáa o. Ihò ìdí irúgbìn la máa bù ú sí."

Ọmọ Dókítà yí ọrùn padà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kó so ẹnu àpò náà pa. Kó sì so tiẹ̀ náà pa."

Abìyẹ́ ti ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí mì bí ẹni gbé egbòogi mì, ó ti pẹ́. Ti ọjọ́ yẹn kò gbà kí wọ́n gbé e mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn, ó gbé àpò dání lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Ó dúró láàárín òkìtì méjèèjì. Ó ṣí páànù díẹ̀, ó wo èyí tó dúdú, ó sì tún dé e padà. Inú òkìtì tútù ló ti ṣọ́bìrì bọ̀. Ó kó o títí àpò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó po éèrún pákó mọ́ ọn kí òórùn rẹ̀ má baà tètè hàn, ó wá bu díẹ̀ lára èyí tó jẹrà, ó fi bo ojú rẹ̀ lókè. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe èyí, ojú ọmọ Dókítà ló ń rí: ojú ẹni tó máa dúró síwájú olùyẹ̀wò pẹ̀lú ebè òfìfo. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu bó ti gbé àpò ru.

Nígbà tó dé oko ilé-ìwé, ó bá Ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn rí kó tó di pé wọ́n fi í jẹ ọ̀gá. Ó ń bi Tíṣà léèrè bó ṣe pín iṣẹ́ náà.

"Ìwọ lo yàn án fún wọn?" ni bàbá náà bi í. "Rárá o. Bí o bá yan èyí tó dáa fún ẹni tó mọ̀wé, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ló ṣiṣẹ́ àbí ọwọ́ ẹni tó gbìn ín? Ìbò ni kí ẹ ṣẹ́."

Wọ́n ya bébà sí márùn-ún, wọ́n ká wọn, wọ́n dà wọ́n sínú fìlà Ọ̀gá. Ọmọ Dókítà ló kọ́kọ́ mú: eérú igi. Ó yọ ètè. Àwọn méjì mú ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà. Ó ku méjì nínú fìlà. Jẹ́jẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tú bébà tó mú, ojú rẹ̀ sì là bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

"Ìgbẹ́ adìẹ," ló wí, fún ìgbà àkọ́kọ́ sì ni gbogbo èèyàn gbọ́ ohùn rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó gbé e sókè.

Òfo náà ló tún kan Abìyẹ́. Wọ́n tún rín in. Kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òkò Abìyẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, kò tíì kúrò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Ẹ dákun, mo ṣi èyí gbé, ẹ jẹ́ n padà lọ mú èyí tó jẹrà wá." Tíṣà á bú u, ọmọ Dókítà á rín in, ó parí. Ó la ẹnu. Ó rí i tí Tíṣà ti sún sẹ́yìn, tó fi áńkáṣíìfù bo imú, tó ń fọwọ́ júwe láti òkèèrè pé kí wọ́n tètè da nǹkan náà síbẹ̀.

"Sà, ó ń rùn gan-an," ni ọmọ Dókítà wí.

"Ìgbà wo ni ohun tó bá tọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kì í rùn?" ni Tíṣà dáhùn. "Bù ú, bù ú, jẹ́ ká kúrò níbí."

Abìyẹ́ pa ẹnu dé.

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ sídìí ebè rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ sínú ihò, ó fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó fi irúgbìn sí i. Nígbà tó bu èyí tó wà nísàlẹ̀ àpò, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ kí Tíṣà má baà gbọ́.

"Abìyẹ́, ó ń ta mí lójú o. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Abìyẹ́ wí.

"Ó dáa náà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ó sì tẹ̀síwájú, ihò kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, títí ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi parí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ fi hàn sójú. Àgbàdo àwọn tó kù ti yọ, ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ti Abìyẹ́ pàápàá yọ, kò sanra, àmọ́ ó pé. Lórí ebè Jẹ́jẹ́, ihò púpọ̀ ló wà tí ohunkóhun kò jáde níbẹ̀. Nígbà tó wú ọ̀kan wò, irúgbìn náà ti rà. Èyí tó yọ, ṣóńṣó ewé wọn ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó gbẹ bíi pé wọ́n fi iná ìṣáná jó o. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dojú bolẹ̀.

Jẹ́jẹ́ bẹ Tíṣà pé kó jẹ́ kóun tún un gbìn.

"Kí wọ́n lè di àbúrò àwọn tó kù?" ni Tíṣà wí. "Báwo lo ṣe máa fi àgbàdo tó kéré lọ́jọ́ orí wé èyí tó dàgbà? Èyí tó wà nílẹ̀ ni wàá fi ṣiṣẹ́. Ojúkòkòrò rẹ ló pa ọ́. Mo ní ẹ̀kúnwọ́, o lọ bu bí ẹni bu ẹ̀bà."

"Ẹ̀kúnwọ́ náà ni mo bù, sà."

"Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ òmìrán?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Dókítà ti rí ẹran tuntun. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló sọ Jẹ́jẹ́ ní Òmìrán, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí i bó bá ń kọjá. Fèrèsé tí wọ́n máa ń ṣí fún Abìyẹ́ kò ṣí mọ́. Ìgò lọ́fínńdà kò jáde mọ́. Ọmọ Dókítà tilẹ̀ yá rúlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Abìyẹ́ kò rí irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì yẹn. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ Dókítà sọ pé kí Òmìrán má fọwọ́ kan bẹ́ńṣì kó má baà gbẹ, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Abìyẹ́ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ. Ó yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ náà, Jẹ́jẹ́ bi í léèrè. Kò fẹ̀sùn kàn án. "Ó lè jẹ́ pé o ṣi àpò mú nílé? Kó jẹ́ pé Màmá tó ni adìẹ ló kó o, tí wọn ò wò ó?"

"Èmi ni mo kó o," ni Abìyẹ́ wí. "Èyí tó jẹrà ni."

"Ó dáa," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mo kàn bi ọ́ ni."

Òjò dé, ó rọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ wọn bọ́ sípò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọn gíga àgbàdo láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó ewé tó ga jù, tí wọ́n sì ń ka ewé. Kì í ṣe gbogbo igi ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn tí wọ́n ti so òwú pupa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ máa ṣa èyí tó dára jù wọ̀n. Ti Abìyẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe, èyí kò sì yà á lẹ́nu, òfo ni. Eérú fún àgbàdo ọmọ Dókítà ní ìdí tó le díẹ̀, àmọ́ kò sọ ewé rẹ̀ di dúdú. Ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà ló ń dù ú láàárín ara wọn. Nínú ìwé gbogbo wọn, iye ti Abìyẹ́ ló wà ní ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n sì ń fi wọn tiwọn, nítorí láìsí òfo, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ajílẹ̀ òun ṣe ohunkóhun. Tíṣà yìn ín níwájú gbogbo wọn. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ́ jù.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ lórí ebè Jẹ́jẹ́ tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Àwọn igi díẹ̀ tí kò kú, tí òjò ti wẹ ìgbóná kúrò ní gbòǹgbò wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Wọ́n ta sókè. Nígbà tí olùyẹ̀wò yóò fi dé, wọ́n ti ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, wọ́n dúró níkọ̀ọ̀kan láàárín ilẹ̀ òfìfo bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó. Jẹ́jẹ́ rò pé oore ni. Ó ń pa koríko ìdí wọn lójoojúmọ́.

Olùyẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tó gbẹ, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó yí ebè gbogbo ká. Ó dúró pẹ́ níwájú ti Jẹ́jẹ́.

"Irú ìgbẹ́ adìẹ wo lo lò?"

"Èyí tó ti jẹrà, sà." Ó ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èyí tó ti jẹrà kì í pa irúgbìn báyìí. Àwọn tó sì kù yìí sanra ju gbogbo tiwọn lọ. Ṣé o ń rí i bí mo ṣe ń rí i? Tútù lo lò, tàbí kó jẹ́ pé o fa àwọn tí kò dára tu kí èyí tó ga nìkan lè ṣẹ́kù. Èwo ni nínú méjèèjì?"

"Kò sí èyí tí mo ṣe nínú méjèèjì, sà."

"Gbọ́ mi. Bó o bá sọ pé tútù ni, mo máa kọ ọ́ pé ìgbẹ́ tútù ń jó àgbàdo. Èsì gidi ni, máàkì wà níbẹ̀. Irọ́ ni mi ò ní fún ní máàkì."

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ló gbé e wá, sà. Ó ní ó ti jẹrà. Kì í purọ́ fún mi."

Olùyẹ̀wò yíjú. "Ìwọ lo gbé e wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó ti jẹrà àbí kò tíì jẹrà?"

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé àgbàdo. Tíṣà ń wo Abìyẹ́. Ọmọ Dókítà ń wò ó. Bó bá sọ òtítọ́, Jẹ́jẹ́ bọ́, òun á sì padà sídìí fèrèsé gbayawu, kò sì ní í jẹ́ Abìyẹ́ nìkan mọ́. Èké tó ba iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni wọn yóò máa pè é, iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ á sì bá a lọ.

"Ó ti jẹrà dáadáa, sà," ló wí.

Olùyẹ̀wò kọ nǹkan kan, ó sì rìn lọ sí ebè tó kàn. Jẹ́jẹ́ kò sunkún. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, Abìyẹ́ ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn márùn-ún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn gbà á. Jẹ́jẹ́ kùnà nínú iṣẹ́ àṣewò, ìkùnà yẹn sì fa gbogbo èyí tó kù wálẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn gba yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya á sí wẹ́wẹ́, ó fi ń nu gírísì lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, lójú rẹ̀.

Abìyẹ́ ti lo sáà kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó wá sílé fún ìsinmi. Kò mọ ohun tó ń dúró dè é. Bó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgò, ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù tí Abìyẹ́ ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tó ti ya létí àpò ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹni náà gbórí sókè. Jẹ́jẹ́ ni.

"Ẹ káàbọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Abìyẹ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ojúgbà ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn.

"Jẹ́jẹ́, kí lò ń ṣe níbí?"

"Màmá ló gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀yin lọ, ààyè ṣófo." Ó nu iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ìyẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n tètè ha èyí tán, n ó gbé ẹrù yín wọlé."

"Má pè mí ní ẹ̀yin."

"Ọmọ ọ̀gá mi ni yín. Kí ni kí n máa pè yín?"

Ó kó ìgbẹ́ sínú bárò, ó tì í lọ sẹ́yìn ọgbà. Abìyẹ́ tẹ̀lé e láìmọ ìdí. Níbẹ̀, Jẹ́jẹ́ da ẹrù rẹ̀ sórí òkìtì tó ń rú èéfín, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí páànù àlòkù.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débí ni mo mọ̀," ló wí, pẹ̀lú ohùn wẹ́lẹ́ rẹ̀ yẹn. "Màmá ló fi méjèèjì hàn mí. Wọ́n ní, 'Má fi tútù kan gbòǹgbò, á jó o pa.' Mo bù ú gbọ́ òórùn. Ó ta mí lójú."

Abìyẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í ṣe ìwọ ni mo fẹ́ ṣe é fún. Ọmọ Dókítà ni. Ìbò yẹn ló dà á rú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, Jẹ́jẹ́, kì í ṣe ìwọ."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ìbò tán, ta ni? Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo bi yín, ta ni? Nígbà tí olùyẹ̀wò bi yín, ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ Dókítà ló bi yín?"

Abìyẹ́ gbé ojú lọ sí páànù àlòkù náà.

"Mo ti sọ fún Màmá," ni Jẹ́jẹ́ tún wí. "Mo rò pé wọ́n á bínú sí yín. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní látọjọ́ tí òkìtì tútù ti dín, tí ti abẹ́ páànù sì pé, làwọn ti mọ̀ pé ẹ gbé èyí tí kò dáa lọ. Wọ́n ní kò kan àwọn. Wọ́n ní ọmọ tó ń lọ kò ṣe é dá dúró, àmọ́ ó fi ẹlòmíì rọ́pò ara rẹ̀, ìyẹn náà dáa."

"Màmá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá kì í purọ́ fún mi."

Abìyẹ́ kúnlẹ̀ níbi tó wà, nínú ẹrẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun máa lọ bá Ọ̀gá ilé-ìwé, òun máa kọ̀wé sí àwọn olùyẹ̀wò, òun máa bẹ àbúrò bàbá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò dá a lẹ́nu.

"Ẹ dìde, aṣọ yín ń dọ̀tí," ló wí nígbà tó yá. "Mi ò fẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí. Bí ẹ bá bẹ̀ mí, tí mo gbà, ẹ máa padà síbi tí ẹ ti wá pẹ̀lú ọkàn fúyẹ́. Èmi á sì máa ha ìgbẹ́ nìṣó. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀."

Ó sì ti bárò lọ.

Nílé, Ìyá Adìẹ jókòó, ó ń to ẹyin sínú páálí. Inú rẹ̀ dùn. "O ti rí ọ̀rẹ́ rẹ?" ló bi í. "Ọmọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tìrẹ lọ. Kì í gbàgbé omi, kì í fọ́ ẹyin. Àwọn ìyàwó mi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń bẹ." Ó gbé ẹyin kan sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i wò. "Ìgbà wo lò ń padà?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Abìyẹ́ ní láti lò. Kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Láràárọ̀ ni Jẹ́jẹ́ ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ-ọ̀dọ̀ ṣe, kò sí àbùkù kan níbẹ̀: ó ń gbá yàrá rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò bú u. Kò fajú ro. Bí Abìyẹ́ bá dìde láti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á fà á sẹ́yìn, á ní kó fi sílẹ̀, pé iṣẹ́ òun ni. Lọ́jọ́ tí Abìyẹ́ fẹ́ lọ, ó di báàgì rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ jáde.

Jẹ́jẹ́ ti wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ó ti gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, èéfín ń rú lára garawa.

"Omi yín ti gbóná, Àǹtí," ló wí. "Ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ."